Ẹ Fún Mi Láyè, Ṣùgbọ́n Owó Kan Ń Bẹ Tí N Kò Gbà

Ká ní obìnrin kan ń kó sìmẹ́ǹtì fún àwọn tó ń kọ́lé n'Íbàdàn. Ó gba àpò 200 láwìn ọjọ́ 30. Ínfọ́ìsì dé: sìmẹ́ǹtì, ₦1,800,000, owó ọkọ̀, ₦120,000, owó jíjá ẹrù, ₦40,000. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò tíì sanwó, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló já ẹrù náà.

Bó bá kọ “ẹ fún mi láyè kí n san gbèsè yín” lásán, olówó lè fi lẹ́tà náà ṣe ẹ̀rí pé ó gba gbogbo rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ ìsanwó ni kó kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo jẹ yín ní ₦1,920,000. Màá san ìdajì lọ́jọ́ Ẹtì yìí, ìyókù lọ́jọ́ 15 oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n n kò gba ₦40,000 owó jíjá ẹrù. Ẹ wo wéébìlì: ó wà níbẹ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló já a.”

Bó bá ń sanwó, kó kọ ohun tó ń san fún, kí wọ́n má baà yọ ₦40,000 nínú rẹ̀. Olówó lè kọ̀ láti fún un láyè o. Kò sí ọ̀ranyàn. Bí wéébìlì kò bá sì sọ ẹni tó já ẹrù, àríyànjiyàn dé nìyẹn.