Ewì Gọ́tà Dídí fún Ọjọ́ Àyíká Nílé Ẹ̀kọ́

Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ni Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1973. Nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ náà bọ́ sí àárín òjò, nígbà tí gọ́tà tó ti dí kò ṣeé fi pamọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ewì àkọ́sórí lórí ìdọ̀tí àti gọ́tà fi bá a mu. Àbùkù tó wọ́pọ̀ lára irú ewì bẹ́ẹ̀ ni pé yóò yin ìmọ́tótó, yóò bú ọ̀bùn, yóò sì parí láìsọ bí ọ̀rá kan ṣe ń di àkúnya omi. Èyí tó dára jù lọ máa ń tẹ̀ lé ọ̀rá kan ṣoṣo láti ọwọ́ ẹni tó sọ ọ́ nù títí dé ilé tí omi wọ̀.

Akéwì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí gọ́tà ṣe ń dí. Ọ̀rá omi mímu kì í sábà dá dí i. Yóò há mọ́ ẹnu ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, omi yóò sì fà sẹ́yìn. Omi tó ń sáré lè gbé iyanrìn lọ, ṣùgbọ́n bí eré rẹ̀ bá ti dínkù, iyanrìn á rì sísàlẹ̀. Iyanrìn yìí ni yóò tẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀, tí ewé àti ike yóò tún wá kó lé e lórí. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé, nítorí náà bí òjò bá ti ń rọ̀ ni òkìtì náà ń ga sí i.

A lè to ọ̀rọ̀ yìí sínú ewì bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an:

Ọ̀rá bọ́ lọ́wọ́ Àjàní,
Ọ̀rá bọ́ sínú gọ́tà.
Iyanrìn bá a, ó jókòó tì í,
Ewé bá wọn, wọ́n di mẹ́ta.
Òjò ń bọ̀,
Omi ò rọ́nà lọ.
Ègbè: Ilé ta ni omi ń lọ?

Ìlà kọ̀ọ̀kan kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè kà á lẹ́ẹ̀kan kó tó mí. Ohùn ìparí ìlà náà ṣe pàtàkì. “Òjò ń bọ̀” parí sí ohùn ìsàlẹ̀, “omi ò rọ́nà lọ” sì parí sí ohùn àárín, etí á gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti yí. Bí akéwì bá gé e sí “omi ò rọ́nà”, ìsàlẹ̀ ni ìlà méjèèjì yóò parí sí, ewì náà á sì wó lẹ́nu ọmọ. Àfi kí olùkọ́ kà á sókè kó tó mọ èyí. Ojú nìkan kò lè rí i.

Ègbè ni ti gbogbo kíláàsì. Ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí padà, kó sì dárúkọ ibi tí àwọn ará ìlú mọ̀. Ní Ìbàdàn, Ògùnpa ni yóò kọ́kọ́ wá. Ní 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò náà kún àkúnya, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sínú odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sí etí rẹ̀ wà lára ohun tó dín ọ̀nà omi kù. Ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àkúnya mìíràn tún pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú kan náà, ó sì gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ. Ìdáhùn àkọ́kọ́ lè jẹ́ “ilé ará Ògùnpa”, èkejì “ilé ará Apẹ̀tẹ̀”, ìkẹyìn kó wá jẹ́ “ilé Àjàní”. Ìgbà yìí ni àwọn ọmọ yóò rí i pé ẹni tó sọ ọ̀rá nù wà lára ẹni tí omi lé jáde.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí ewì di gbogbo ẹ̀bi ru Àjàní. Àdúgbò mìíràn wà tí ọkọ̀ akódọ̀tí kì í dé, òmíràn ò tilẹ̀ ní gọ́tà rárá, iyanrìn ọ̀nà tí wọn kò dá ọ̀dà sí sì ń ṣàn wọnú gọ́tà láìsí ọ̀rá kankan níbẹ̀. Ó yẹ kí ẹsẹ kan béèrè ọkọ̀ akódọ̀tí lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kó sì béèrè ẹni tó fàṣẹ sí ilé tó jókòó sí ojú omi. Irọ́ ni ewì tó bá fo ibẹ̀, bó ti wù kó dùn tó.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ewì náà ṣiṣẹ́, kí a bi ọmọ kan ní ọjọ́ kejì pé kí ló gbé omi wọlé. Bó bá ní “ìdọ̀tí ni”, orí ló fi há a. Bó bá lè to ọ̀rá, iyanrìn, ihò abẹ́ títì àti omi tẹ̀ léra, ó ti yé e. Kí olùkọ́ jọ̀wọ́ kó àwọn ọmọ lọ wo gọ́tà iwájú ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn òjò, kó tó fún wọn ní ìlà àkọ́kọ́ láti há sórí.