Súwíìṣì 60 Wáàtì, Kámẹ́rà Mẹ́fà

Bí wọ́n bá kan kámẹ́rà mọ́ igun ilé lóde òní, wáyà kan ṣoṣo ló sábà máa ń wọ inú rẹ̀. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ló ń gbé àwòrán jáde, òun náà ló ń gbé iná wọlé. PoE ni wọ́n máa ń kọ sára páálí fún irú ètò yìí. Súwíìṣì, àpótí olójú ihò tí gbogbo wáyà ń pàdé sí, ló ń pín iná náà fún kámẹ́rà, fún ẹ̀rọ Waifáì tó wà lókè àjà, àti fún fóònù orí tábìlì.

Iná tó ń pín ní ìwọ̀n, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà. Páálí súwíìṣì kan lè sọ pé ojú ihò mẹ́jọ ló ní, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 30 wáàtì. Ẹni tó fẹ́ rà á á ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, á ní 240 wáàtì ni òun rà yẹn. Nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n ti kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 60. Wọn ò parọ́ o. Ojú ihò èyíkéyìí lè gbé 30 lóòótọ́, méjì péré ló kàn lè gbé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìtura kékeré kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Kámẹ́rà mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ní ojú ihò kìíní dé ìkẹfà. Ẹ̀rọ Waifáì wà ní ìkeje, fóònù ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò wà ní ìkẹjọ. Wọ́n tan súwíìṣì. Kámẹ́rà mẹ́ta àkọ́kọ́ tàn, mẹ́ta tó kù ò tàn, Waifáì ò tàn, àmọ́ fóònù tó wà nígbẹ̀yìn tàn. Wọ́n yọ kámẹ́rà kẹrin, wọ́n kì í bọ ojú ihò kìíní, ó tàn. Wọ́n gbé ti àkọ́kọ́ lọ sí ìkẹrin, ó kú. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á ní ojú ihò kẹrin ti bàjẹ́.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Kí súwíìṣì tó fún ẹ̀rọ kankan níná, ó máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irú ẹ̀rọ tó ń gba iná lára wáyà ni, lẹ́yìn náà ni á bi í léèrè kíláàsì rẹ̀. Ìlànà tó jáde ní 2003 ya 4 wáàtì sọ́tọ̀ fún kíláàsì 1, 7 fún kíláàsì 2, àti 15.4 fún kíláàsì 3. Ti 2009 ló fi kíláàsì 4 kún un, òun ló ń gba 30. Ẹ̀rọ tí kò bá sọ kíláàsì rẹ̀, 15.4 náà ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún un. Báyìí ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí kì í jẹ ju 4 wáàtì lọ lọ́sàn-án ṣe ń gba ààyè 15.4. Ó dà bí ìdílé tó ní ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún làwọn ń kó bọ̀ wá síbi ìnáwó, tí mẹ́rin péré wá dé. Àga tó kù ṣófo, wọn ò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀.

Ní ilé ìtura wa yìí, kámẹ́rà mẹ́ta ti gba 46.2, ó ku 13.8. Kò tó fún kámẹ́rà kẹrin, áḿbọ̀sìbọ́sí Waifáì tó ń béèrè 30. Fóònù ń béèrè 7 péré, ìdí nìyẹn tó fi rí ààyè wọlé.

Àwọn súwíìṣì mìíràn kì í ya nǹkan sọ́tọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ lọ́wọ́ ni wọ́n ń kà, àwọn wọ̀nyí ló sì ń tan ènìyàn jù lójú tèmi. Lọ́sàn-án, kámẹ́rà mẹ́fà ń jẹ 24, Waifáì ń jẹ 13, fóònù ń jẹ 3. Ogójì wáàtì rèé, gbogbo rẹ̀ tàn, ẹnjiníà gba owó rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, kámẹ́rà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tan iná òru wọn, èyí tí ojú wa kì í rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wá ń jẹ 8. Àpapọ̀ di 64. Súwíìṣì á wá pa ẹni tó kẹ́yìn, ìyẹn fóònù, ó ku 61, á pa Waifáì náà. Ẹrù fúyẹ́, á tún tan wọ́n padà. Waifáì kì í jẹun púpọ̀ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ó tún dìde, àwọn àlejò tún so fóònù wọn mọ́ ọn, ó tún kú. Báyìí ni wọn ó ṣe ilẹ̀ mọ́. Ẹnjiníà dé láàárọ̀, kò rí ìṣòro kankan.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìṣirò tó ṣeé gbára lé, ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ mú iye tó ga jù tí wọ́n kọ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ lé e, nítorí wáyà náà ń jẹ nínú iná. Ìlànà 2003 pàápàá gbà pé bí súwíìṣì bá fi 15.4 ránṣẹ́, 12.95 ló dájú pé yóò dé òdìkejì wáyà ọgọ́rùn-ún mítà. Kámẹ́rà tí wọ́n kọ 8 sí, ẹ kà á sí 9. Mẹ́fà jẹ́ 54. Waifáì tí wọ́n kọ 16 sí, ẹ kà á sí 18, kẹ́ ẹ ka fóònù sí 5. Ó di 77.

Súwíìṣì 60 ò lè gbé e. Ẹ lè yọ Waifáì kúrò, kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ti iná bọ inú wáyà fún òun nìkan. Á ku 59, èmi ò sì ní fi wáàtì kan ṣoṣo sùn. Súwíìṣì 120 wáàtì ló yẹ wọ́n, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Bó bá jẹ́ èyí tó ń ya nǹkan sọ́tọ̀ ní kíláàsì ni, ohun tí wọn ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 129.4, kò ní tó. Ẹ ra èyí tó gbà kí ènìyàn yí iye náà padà lójú ihò kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ súwíìṣì Sísíkò, báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì ni wọ́n fi ń kà á:

```
interface GigabitEthernet0/1
 power inline consumption 9000
```

Lẹ́yìn náà, `show power inline` á fi iye tó wà, iye tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ àti èyí tó kù hàn yín. Ojú ihò tí wọn ò fún níná, `power-deny` ni ẹ ó rí níwájú rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni súwíìṣì máa gbà gbọ́ o. Bẹ́ ẹ bá fi iye ọ̀sán purọ́ fún un, wàhálà òru ti padà dé nìyẹn.

Kámẹ́rà kan ṣoṣo tún lè máa kú lálẹ́, kí àpapọ̀ má sì tí ì kọjá ààlà. Bó bá jẹ́ èyí tó jìnnà jù ni, wáyà ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ fi wáyà kúkurú dán kámẹ́rà náà wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìṣì lálẹ́. Bí kò bá kú mọ́, ẹ bó orí wáyà ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn kan nínú rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ àwọ̀ kọ́pà, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni wọ́n tà fún yín. Ó ń jẹ iná ju ojúlówó kọ́pà lọ, ìgbà tí iná òru bá sì tàn ni iná tó ń dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà kì í tó mọ́. Súwíìṣì ńlá ò lè tún ìyẹn ṣe, àfi kẹ́ ẹ pààrọ̀ wáyà.