Kátálọ́ọ̀gù Tí Oníbàárà Lè Fi Ra Àga Láìpe Káfíńtà

Ẹni tó bá ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì fún títà mọ ìpè tí oníbàárà máa ń pè lẹ́yìn tó bá ti rí àwòrán ọjà. “Igi wo lẹ fi ṣe é?” “Ṣé fóòmù wà nínú owó yẹn?” “Ṣé ó máa gba ẹnu ọ̀nà wa?” “Ọjọ́ wo lẹ máa gbé e wá?” Bí kátálọ́ọ̀gù bá ti wà lọ́wọ́ oníbàárà náà, tó sì tún ní láti pè kó tó mọ nǹkan wọ̀nyí, ìwé àwòrán lásán ni wọ́n fún un. Iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gù ni kí ẹni tó wà ní Ìkòròdú lè ra àga tí wọ́n ń kàn n'Íbàdàn, kí àga tó bá dé sì jẹ́ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ káfíńtà kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ń ṣe àga pálọ̀, tábìlì ìjẹun, bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù, bíi oríṣi mẹ́rìnlá lápapọ̀. Wọ́n fẹ́ tẹ ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 16, ní ìwọ̀n A5, ìyẹn ìdajì bébà A4. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ́kọ́ ronú nípa àwòrán èèpo ìwé. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ kékeré abẹ́ àwòrán ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé tàbí kó sọnù. Ohun tí mo sábà ń rí níbẹ̀ ni “Àga tó rẹwà, tó sì bá ilé yín mu.” Ojú oníbàárà ti sọ èyí fún un. Ohun tí ojú kò lè rí ló yẹ kó wà níbẹ̀:

AG-03. Sófà elénìyàn mẹ́ta. Férémù ọgànwó, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn puláìwúùdù. Fẹ̀ 84, jìn 36, ga 34 íńṣì. Ìjókòó ga 17 íńṣì. Ìfẹ̀yìntì ṣeé tú: bí a bá tú u, gíga rẹ̀ di 24 íńṣì. Aṣọ ìbòrí: wo ojú ìwé 14. Ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn àsansílẹ̀. Tábìlì inú àwòrán kò sí nínú owó rẹ̀.

Gbogbo gbólóhùn yẹn ló ń dáhùn ìbéèrè kan. Bí káfíńtà bá kọ “ọgànwó” nìkan, oníbàárà á gbà pé ọgànwó ni látòkè délẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá rí puláìwúùdù lábẹ́ tìmùtìmù, á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni puláìwúùdù kì í ṣe ohun àbùkù níbi tí wọ́n fi í sí. Gíga ìjókòó náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn máa ń dìde lórí ìjókòó 17 íńṣì láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 14, ó lè nílò ẹni tó máa fà á dìde. Bí àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ yín bá ní ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ fi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí i, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wọn yàrá níbẹ̀: 213, 91 àti 86.

Ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá tú ìfẹ̀yìntì ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìtìjú ẹnu ọ̀nà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ilẹ̀kùn 30 íńṣì ni wọ́n fi sí ẹnu yàrá. Sófà tó jìn 36 tó sì ga 34 máa ṣòro láti gbé gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí ìfẹ̀yìntì bá ti kúrò, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ gbé e, íńṣì 24 nìkan ló sì máa dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Bí èyí kò bá sí nínú kátálọ́ọ̀gù, ìta gbangba ni àríyànjiyàn náà á ti wáyé, ọkọ̀ ẹrù á wà lórí ìdúró, àwọn alágbàṣe á sì ti máa béèrè owó wọn.

Ti bẹ́ẹ̀dì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé orúkọ tí gbogbo wa ń pè é kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Fóòmù tí a ń pè ní “6 nípa 6” sábà máa ń jẹ́ 75 nípa 72 íńṣì. Inú férémù ní láti fẹ̀ ju fóòmù lọ díẹ̀ kí wọ́n lè tẹ́ aṣọ sí i lábẹ́, ká ní 76 nípa 73. Bí igi ẹ̀gbẹ́ bá nípọn 2 íńṣì, ìta férémù á di 80 nípa 77. Ẹni tó bá ka “6 nípa 6” tó sì fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà wọn yàrá rẹ̀ á rí i pé ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù kò ṣeé ṣí mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá to bẹ́ẹ̀dì tán. Nítorí náà, ẹ kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: fóòmù tí bẹ́ẹ̀dì gbà, àti ìwọ̀n ìta férémù. Kí ẹ wá sọ bóyá fóòmù wà nínú owó náà tàbí kò sí.

Nọ́ńbà tó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, AG-03, ni oníbàárà máa fi bèèrè ọjà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn aláàga ti mọ agbára rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Michael Thonet ní Vienna gbé àga onígi títẹ̀ kan jáde ní 1859, nọ́ńbà 14 ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi tà á káàkiri ayé. Wọ́n máa ń tú àga náà sí wẹ́wẹ́, 36 nínú rẹ̀ á sì wọ àpótí oníwọ̀n mítà kan ní gbogbo ìhà. Fún ilé iṣẹ́ tiwa, AG dúró fún àga, TB fún tábìlì, BD fún bẹ́ẹ̀dì, WD fún wọ́dúróòbù. Ẹ má fi àwọ̀ tàbí iye owó sínú nọ́ńbà, nítorí pé wọ́n ń yí padà. Bí ẹ bá sì dáwọ́ AG-03 dúró, ẹ má fún àga mìíràn ní nọ́ńbà náà láé. Ẹni tó ní kátálọ́ọ̀gù ọdún tó kọjá lọ́wọ́ lè fi bèèrè ọjà lọ́la.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán bá ti wà nílẹ̀ ni mo tó ń to ojú ìwé. Ìwé tí wọ́n fi pínnì gún láàárín kò lè ní iye ojú ewé tó bá ṣáà ti wu ènìyàn, nítorí pé bébà kan tí wọ́n ṣẹ́ po ń mú ojú ìwé mẹ́rin wá. Ẹni tó bá gbé ojú ìwé 18 lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú á gba 20 padà, méjì nínú rẹ̀ á sì ṣófo. Ẹ ṣẹ́ bébà A4 mẹ́rin po, ẹ kó wọn sínú ara wọn, ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà 1 dé 16 sí i. Èyí ni àwọn atẹ̀wé ń pè ní dọ́mì.

Dọ́mì náà á fi hàn yín pé ojú ìwé 8 àti 9 nìkan ni wọ́n wà lórí bébà kan náà tó tẹ́ pẹrẹsẹ nínú ìwé. Ibẹ̀ ni mo máa ń fi tábìlì ìjẹun àti àga mẹ́fà rẹ̀ sí, kí àwòrán kan ṣoṣo gba ojú méjèèjì. Bí ẹ bá na irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sórí 6 àti 7, bébà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa gbé e, tí wọn kò bá sì ṣẹ́ wọn po dáadáa, ẹsẹ̀ tábìlì kò ní bára mu.

Ní ti ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e, bí ènìyàn ṣe ń kó ẹrù sínú ilé ni mo fi ń tò ó. Sófà wà ní 4, tábìlì àárín pálọ̀ àti àpótí rẹ̀ kọjú sí i ní 5. Àga ẹlẹ́nìkan àti pẹpẹ tẹlifíṣọ̀n wà ní 6 àti 7. Lẹ́yìn tábìlì ìjẹun, bẹ́ẹ̀dì wà ní 10, àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní 11, wọ́dúróòbù àti dígí ní 12 àti 13. Ohun tó bá ń bá ara wọn lọ kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn ara wọn, kí ojú lè rí wọn pa pọ̀. Ojú ìwé 3 ni ọjà àkọ́kọ́ wà. Ọ̀pọ̀ máa ń fi èyí tó wọ́n jù síbẹ̀, àmọ́ n kò fara mọ́ ọn. Ẹ fi èyí tí ọwọ́ yín mọ̀ jù, tí ẹ lè parí lásìkò, sí ibẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n máa bèèrè jù.

Àwòrán kò ní gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ jìnnà díẹ̀ sí àga, kí fóònù wà ní ìwọ̀n gíga ìjókòó, torí pé bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, apá tó wà níwájú á fẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Kí gbogbo rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ kan náà. Àwòrán tó máa kún ojú ìwé A5 nílò bíi píksẹ́ẹ̀lì 1748 nípa 2480. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí àwòrán lásán sábà máa ń dín kù sí i, nítorí náà ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document. Àwọ̀ aṣọ orí ìwé kò lè rí bí aṣọ fúnra rẹ̀ láé. Ẹ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ní ojú ìwé 14, kí ẹ sì fi ègé aṣọ gidi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá fẹ́ rà kó tó sanwó.

Ìwé ìbéèrè ọjà kò yẹ kó wà lára ìwé pẹlẹbẹ náà. Bí oníbàárà bá ya ojú ìwé 15, ojú ìwé 16 tí àdírẹ́sì wà á bá a lọ, èèpo iwájú á sì tú. Ẹ jẹ́ kí 15 ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń bèèrè, kí ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀ jẹ́ bébà ọ̀tọ̀ tí ẹ kì bọ inú rẹ̀. Ohun tó máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà ni nọ́ńbà ọjà, iye tó fẹ́, igi, nọ́ńbà aṣọ, àdírẹ́sì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kelòó ni ilé wà, àti bí ẹnu ọ̀nà tó kéré jù ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó máa sọ fún un ni àsansílẹ̀, ká ní ìdá 70 nínú 100. Pé ọjọ́ tí owó wọlé tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwọ̀n ni wọ́n á ti máa ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà. Àti pé kò sí àyípadà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé igi.

Iye owó náà, bébà ọ̀tọ̀ ni ti rẹ̀. Owó igi àti fóòmù kì í dúró sójú kan, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àwòrán, gbogbo ẹ̀dà tó kù ló bàjẹ́ lọ́jọ́ tí iye bá yí. Ẹ to bébà iye owó gẹ́lẹ́ bí nọ́ńbà ṣe tẹ̀ léra nínú ìwé, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí iye náà máa dópin sí òkè rẹ̀.

Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ẹ fún ẹni tí kò wọ ilé iṣẹ́ yín rí ní dọ́mì àti ìwé ìbéèrè, ẹ ní kó fi bèèrè bẹ́ẹ̀dì kan. Ẹ má dá a lóhùn bó bá béèrè nǹkan kan. Ẹ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, kí ẹ sì wá ojú ìwé tí ìdáhùn rẹ̀ yẹ kó wà.