Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Yíyọ Kókó Inú Fọ́tò Ìwé Àdéhùn Ilé

Ká ní ẹ gba fọ́tò ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù kan l'Ódògbólú. Ojú ibi tí wọ́n ti ká ìwé ṣókùnkùn, owó ọdún kan wá dà bí ₦35,000. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ síwájú rẹ̀ jẹ́ ₦350,000. Òdo kan ló farasin. Tí méjèèjì bá tako ara wọn, ti ọ̀rọ̀ ni ẹ mú, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún fọ́tò náà yà.

Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, 20 oṣù kejì 2024, kọ́ ni ọdún ilé bẹ̀rẹ̀; ìwé náà ní 1 oṣù kẹta ni. Kò sọ ọjọ́ ìparí. Nítorí owó ọdún kan ni, ẹ kọ 28 oṣù kejì 2025, kí ẹ fi kún un pé ìṣirò yín ni.

Bákan náà, lọ́yà tó fọwọ́ síwèé fún onílé kì í ṣe onílé; ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ sí ipò onílé.