Ṣé Nínjà Pupa Wà Nínú Mortal Kombat?

Oníjà méje ni eléré lè mú nínú Mortal Kombat, géèmù ìjà tí ilé iṣẹ́ Midway gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1992. Ẹnì kan tún wà tí wọn ò to mọ́ wọn: Reptile, nínjà aláwọ̀ ewé. Ó máa ń yọjú fìrí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, á sọ̀rọ̀ kan bí àlọ́, á sì pòórá. Bíbá a jà kì í ṣe kékeré. Orí afárá The Pit ni ìjà ti gbọ́dọ̀ wáyé, lásìkò tí òjìji kan bá fò kọjá níwájú òṣùpá. Eléré gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo, láìtẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń dáàbò bo ara, kó sì fi Fatality parí rẹ̀.

Ká ní ọmọkùnrin méjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n àtọmọ àbúrò, wà nídìí ẹ̀rọ náà nílé géèmù. Èyí àgbà ní nínjà pupa kan tún wà, Ermac lorúkọ rẹ̀. Èyí àbúrò ní irọ́ ni, gbogbo owó òun ló ti tán sídìí ẹ̀rọ yìí, òun ò rí pupa kankan.

“O ò tíì rí Reptile náà rí. Ṣé ìyẹn náà ò sí ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí le fún àbúrò láti fèsì, nítorí àìrí Reptile kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí. Ó lè jẹ́ pé eléré kùnà níbì kan péré.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ohun tó dì mú. Ẹ̀rọ náà ní ojú ìwé ìṣirò tí ẹni tó ni ín máa ń yẹ̀ wò. Nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n kọ Reptile Battles sí, iye ìgbà tí wọ́n ti bá Reptile jà, ni ERMACS wà pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tó bá kà á tẹ̀ léra á rò pé oníjà mìíràn ni wọ́n ń kà.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wà. Àwọn tó kọ ètò géèmù náà ló ń fi ìlà yẹn ka àṣìṣe tí ètò náà bá gbá mú. Nọ́ńbà náà lè máa gòkè láìsí ẹni tó bá nínjà pupa pàdé. Àwòrán nínjà pupa náà kò tó ẹ̀rí. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ya fún Scorpion, Sub-Zero àti Reptile, àwọ̀ aṣọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwòrán lè sọ ọ̀kan nínú wọn di pupa láìṣe wàhálà.

Àbúrò ló jàre lórí ẹ̀rọ ti 1992. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà tàn débi pé àwọn tó ṣe géèmù fi Ermac, nínjà pupa, sínú Ultimate Mortal Kombat 3 ní 1995. Kóòdù ni wọ́n fi ń ṣí i.