Fóònù Àjèjì Nínú Ọkọ̀ Tòkúnbọ̀

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ l'Ékòó, tó fẹ́ so fóònù rẹ̀ mọ́ bulutúùtù rẹ̀, lè rí i pé rédíò ọkọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Rédíò náà kò bàjẹ́ o. Fóònù àwọn tó wa ọkọ̀ lókè òkun ló ṣì kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Toyota kì í gbà ju fóònù márùn-ún lọ, nítorí náà, kí tuntun tó wọlé, àfi kí ti àtijọ́ jáde.

Ẹ páàkì ọkọ̀ ná, torí ọ̀pọ̀ rédíò kì í jẹ́ kéèyàn ṣe é nígbà tí ọkọ̀ ń rìn. Ẹ tẹ Setup, kí ẹ wọ Bluetooth. Orúkọ àwọn fóònù náà á jáde síta. Ẹ máa fi Delete yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹ ìwé nọ́ńbà inú rédíò wò pẹ̀lú, torí nọ́ńbà ìyàwó ẹlòmíì lè ṣì wà níbẹ̀.

Ó wá kan fóònù tiyín. Ẹ ṣí Bluetooth nínú Settings, kí ẹ má sì kúrò lójú ibẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ iPhone, torí ojú ibẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ ti lè rí i. Ẹ tẹ Add lórí rédíò. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́fà kan náà á hàn lójú méjèèjì. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ gbà á. Fóònù á tún bèèrè bóyá kí ọkọ̀ rí nọ́ńbà àwọn èèyàn yín. Nínú ọkọ̀ tí ẹ háyà, ẹ sọ pé rárá.

Bí ìpè bá ń wọlé ṣùgbọ́n tí orin kò dún, ẹ má bínú sí sípíkà. Ọ̀nà ìpè yàtọ̀ sí ọ̀nà orin. Lórí Android, ẹ tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọkọ̀, kí ẹ wò ó bóyá Media audio wà ní títàn. Lẹ́yìn náà, ẹ yí rédíò kúrò lórí FM sí Bluetooth Audio.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n á pa orúkọ fóònù rẹ́ nínú ọkọ̀, wọ́n á sì gbàgbé ti inú fóònù. Nígbà tí fóònù àti ọkọ̀ kọ́kọ́ mọra, kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan ni wọ́n jọ fi pamọ́. Bí ọkọ̀ bá sọ tirẹ̀ nù, fóònù á ṣì máa mú ti àtijọ́ wá kanlẹ̀kùn. Ẹ máa rí orúkọ ọkọ̀ lórí fóònù, á máa gbìyànjú, á sì já. Ẹ tẹ Forget lórí fóònù, kí ẹ tún Delete ṣe nínú ọkọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ta ọkọ̀ náà, ẹ yọ fóònù tiyín àti ìwé nọ́ńbà yín kúrò kí ẹ tó fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́.