Ẹni Tó Kọ́kọ́ Kó Èsúsú

Nínú èsúsú ẹlẹ́ni mẹ́wàá, ẹni tó kọ́kọ́ kó owó kò tíì jèrè ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ṣì kù tó máa dá. Bó bá ná gbogbo owó náà bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́, ojú á tì í nígbà tí olórí èsúsú bá kanlẹ̀kùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn sí ilé iṣẹ́ tó ra ẹ̀rọ ńlá, tí òfin owó-orí sì gbà á láàyè láti yọ owó ẹ̀rọ náà kíákíá.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Alhaja kan ló ni ín. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n ra ààrò búrẹ́dì ńlá kan ní mílíọ̀nù 40 náírà. Akáǹtáǹtì wọn fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá ni ààrò náà máa lò, kò sì ní í ku nǹkan kan tí wọ́n lè tà lẹ́yìn náà. Nítorí náà, lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 4 ló ń yọ kúrò nínú èrè gẹ́gẹ́ bí owó gbígbó ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní dẹpirisiéṣọ̀n.

Àwọn agbowó-orí kì í gba dẹpirisiéṣọ̀n wọlé, torí pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ díwọ̀n tirẹ̀. Wọ́n á dá a padà sórí èrè, wọ́n á wá fi èyí tí òfin fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀: kápítà àláwansì. Lábẹ́ òfin owó-orí ilé iṣẹ́ tó wà nígbà náà, ẹni tó ra ẹ̀rọ ìpèsè ọjà máa yọ ìdajì owó rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, yóò tún yọ ìdá 25 nínú 100 lára ìdajì kejì, láti ọdún àkọ́kọ́ yẹn títí di ọdún kẹrin. Àwọn ẹ̀bùn kéékèèké mìíràn wà nínú òfin náà tá a máa fi sílẹ̀ níhìn-ín.

Fún ààrò Alhaja, ìdajì jẹ́ mílíọ̀nù 20, ìdá 25 nínú 100 lára ìyókù sì jẹ́ mílíọ̀nù 5. Mílíọ̀nù 25 ni wọ́n yọ lọ́dún àkọ́kọ́ nínú ìwé owó-orí, nígbà tó jẹ́ pé mílíọ̀nù 4 péré ni ìwé ilé iṣẹ́ yọ.

Ká ní èrè ọdún 2015 jẹ́ mílíọ̀nù 50 kí wọ́n tó yọ owó-orí. Ẹ fi dẹpirisiéṣọ̀n mílíọ̀nù 4 kún un, kó di mílíọ̀nù 54. Ẹ yọ mílíọ̀nù 25, ó ku mílíọ̀nù 29. Ìdá 30 nínú 100 ni owó-orí, nítorí náà mílíọ̀nù 8.7 ni ìjọba máa gbà. Inú Alhaja dùn. Ìgbà tó ṣí ìwé ìṣírò ọdún náà ló rí ìlà kan tó kà pé owó-orí tí a sún síwájú jẹ́ mílíọ̀nù 6.3.

"Ta la jẹ ní owó yìí?" ló bi akáǹtáǹtì.

"Ẹnikẹ́ni ò tíì lè bi yín léèrè rẹ̀ báyìí, Mọ́mì," ni ọmọkùnrin náà fèsì. "Àmọ́ ẹ ti kó èsúsú yín, ẹ sì ní láti máa dá a."

Ọ̀nà tó gbà rí mílíọ̀nù 6.3 kò le. Lọ́jọ́ tí ọdún bá parí, ẹ bi ìwé méjèèjì pé èló ló kù lára ààrò yìí. Ìwé ilé iṣẹ́ á ní mílíọ̀nù 36. Ìwé owó-orí á ní mílíọ̀nù 15. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ mílíọ̀nù 21. Mílíọ̀nù 21 yẹn ni ìwé owó-orí ti fi ṣáájú ìwé ilé iṣẹ́, ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ sì ni mílíọ̀nù 6.3. Ẹ fi í kún mílíọ̀nù 8.7 tí ìjọba gbà, ó di mílíọ̀nù 15 géérégé, èyí tí í ṣe ìdá 30 nínú 100 èrè mílíọ̀nù 50. Ká ní wọn ò kọ ìlà yẹn sílẹ̀ ni, Alhaja á rò pé mílíọ̀nù 41.3 lòun jèrè lẹ́yìn owó-orí, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 35 ni.

Ọdún kejì ni àṣìṣe máa ń wọlé. Lópin ọdún 2016, mílíọ̀nù 32 ló kù nínú ìwé ilé iṣẹ́, mílíọ̀nù 10 nínú ìwé owó-orí. Ìyàtọ̀ di mílíọ̀nù 22, owó tí a sún síwájú sì di mílíọ̀nù 6.6. Àwọn kan á wá kó gbogbo mílíọ̀nù 6.6 yìí lé èrè ọdún kejì lórí. Wọ́n gbàgbé pé mílíọ̀nù 6.3 ti wà níbẹ̀ láti èṣí. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 tó fi lé sí i nìkan ló kan ọdún yìí. Bí èrè bá tún jẹ́ mílíọ̀nù 50, ìjọba á gba mílíọ̀nù 14.7, ẹ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 kún un, ó tún di mílíọ̀nù 15. Ẹni tó ṣàṣìṣe yẹn á ní mílíọ̀nù 21.3, ìyẹn lé ní ìdá 42 nínú 100 èrè. Bí àpapọ̀ owó-orí bá jìnnà sí ìdá 30 nínú 100, tí kò sí ìnáwó tí òfin kọ̀ pátápátá, bí owó ìtanràn, ẹ padà wo ìṣírò náà.

Ẹni tó bá ṣì ń rò pé gbèsè orí ìwé lásán ni, kó jẹ́ ká ta ààrò náà lópin ọdún 2016 ní mílíọ̀nù 32. Iye yẹn gan-an ló kù nínú ìwé ilé iṣẹ́, kò sí èrè, kò sí àdánù. Ṣùgbọ́n agbowó-orí á sọ pé: mílíọ̀nù 10 ló kù lọ́dọ̀ tèmi, ẹ gba mílíọ̀nù 32, ẹ dá mílíọ̀nù 22 padà sórí èrè yín. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 6.6. Ẹ rí i pé iye tó wà nínú ìwé náà ni, kò lé, kò dín.

Bí wọn ò bá tà á, yíyọ nínú ìwé owó-orí á parí ní 2018. Náírà 10 péré ló máa ṣẹ́ kù níbẹ̀, torí òfin ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà bá máa kúrò lọ́wọ́ wọn. Lásìkò yẹn, owó tí a sún síwájú ti gòkè dé mílíọ̀nù 7.2. Láti ọdún 2019 ni dídá èsúsú bẹ̀rẹ̀. Kò sí àláwansì mọ́, dẹpirisiéṣọ̀n mílíọ̀nù 4 ṣì ń lọ. Ìjọba á gba mílíọ̀nù 16.2 lórí èrè mílíọ̀nù 50, ìwé á sì yọ mílíọ̀nù 1.2 lára gbèsè náà, àpapọ̀ á ṣì jẹ́ mílíọ̀nù 15. Ọdún mẹ́fà ló gbà, láti 2019 dé 2024, kí mílíọ̀nù 7.2 tó tán.

Òfin Owó-orí Nàìjíríà ti 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ti mú ìdajì ọdún àkọ́kọ́ yẹn kúrò. Ìdá 20 nínú 100 lọ́dọọdún ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbà báyìí. Lórí ààrò mílíọ̀nù 40 tuntun, mílíọ̀nù 8 ni wọ́n máa yọ lọ́dún àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ á jẹ́ mílíọ̀nù 4, owó tí a sún síwájú á sì jẹ́ mílíọ̀nù 1.2 dípò 6.3. Èsúsú náà kò tíì tán. Ohun tí wọ́n ń kó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló kéré sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé iṣẹ́, kẹ́ ẹ tó pín èrè ọdún tẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ wá ìlà yẹn nínú ìwé ìṣírò yín. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bi akáǹtáǹtì yín ìdí.